Ìkíni oyè fún bàbá wa

Àbúrò mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fi ìkíni ránṣẹ́ sí mi lédè Gẹ̀ẹ́sì láàárọ̀ yìí, pé kí n kọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oyè. Ó pè wọ́n lórúkọ, ó ní wọ́n káre. Àgbà ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé.

Mo wá kọ ọ́ pé: “Ẹ kú oríire, bàbá wa. Orí wa wú nígbà tí a gbọ́. Oyè á mọ́ yín lórí, ẹ ó sì pẹ́ lórí rẹ̀.” Kò sí àdúrà nínú èyí tó fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ìkíni oyè tí kò ní àdúrà máa ń tutù létí àgbà, bó ti wù kí “ẹ” pọ̀ nínú rẹ̀ tó.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹ máa ń fi àdúrà kún un bẹ́ẹ̀?