Lẹ́tà tí mo fi gbé àpò ìjọ kalẹ̀

Ọdún 9 ni mo fi ṣe akápò ìjọ wa. Nígbà tí ó sú mi, mo kọ lẹ́tà ojú ewé 3, ẹjọ́ alága ìgbìmọ̀ ló sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Mo gbé e fún ìyá ìjọ kan kí wọ́n bá mi kà á. Wọ́n kà á tán, wọ́n wò mí: "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ gbé ipò sílẹ̀ ni, àbí ẹjọ́ lo fẹ́ rò? Bó bá jẹ́ ẹjọ́, lọ jókòó ti Alùfáà. Sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìgbìmọ̀ ni akọ̀wé máa ka èyí, inú fáìlì ló sì máa wà."

Mo ya á. Mo lọ bá Alùfáà nílé, mo fẹnu sọ gbogbo ohun tó ń dùn mí. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n fi ọdún kan kún un, díẹ̀ ló sì kù kí n gbà. Ohun tó gbà mí ni pé mo ti mú ọjọ́ kí n tó kúrò nílé: ìparí oṣù Kejìlá.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n sọ pé ara mi ò yá. Kí wọ́n gbààwẹ̀ fún mi tán, kí wọ́n wá bá mi lọ́jà níbi tí mo ti ń ná iṣu? N kò sì fẹ́ sọ pé Ọlọ́run ló ní kí n lọ, torí ta ló máa dá Ọlọ́run lóhùn? Ohun tí mo kọ nìyí:

"Mo dúpẹ́ pé ẹ fọkàn tán mi. N kò lè gbàgbé ọdún tí ìjì ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ kí rìsíìtì tó pé. Iṣẹ́ òòjọ́ mi ti pọ̀ sí i, n kò lè tọ́jú ìwé owó bó ṣe yẹ mọ́. Mo fẹ́ gbé ipò akápò kalẹ̀ ní ìparí oṣù Kejìlá. Ọmọ ìjọ yìí ni mo ṣì jẹ́."

Irọ́ kọ́ ni ti iṣẹ́ yẹn, ìyókù sì ti wà lọ́dọ̀ Alùfáà. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ló wúlò jù, torí wọ́n ti ń bi ìyàwó mi léèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń lọ.

Ti akápò tún yàtọ̀ o. Bó bá lọ kí ìkórè tó dé, wọ́n á ní ó ti kówó jẹ. Mo jẹ́ kí wọ́n ka owó ìkórè, kí àwọn olùyẹ̀wò owó fọwọ́ sí ìwé, kí n tó fi lẹ́tà ránṣẹ́. Mo ka ìwé ṣẹ́ẹ̀kì, ìwé rìsíìtì àti kọ́kọ́rọ́ àpótí lé ẹni tó gbà á lọ́wọ́, àwa méjèèjì sì buwọ́ lù ú.

Báńkì nìkan ni mo gbàgbé. Ní oṣù Kejì, wọ́n pè mí láti bi mí bóyá èmi ni mo buwọ́ lu ṣẹ́ẹ̀kì kan. Ìgbà yẹn ni ìgbìmọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n yọ orúkọ mi.