Ẹ jẹ́ kí báùǹsà kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ fláyà yín

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìpolówó fún láọ́ńjì, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ló là mí lójú. Alẹ́ jùjú ni. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ fláyà, mo sì rò pé mo ti ṣe bẹbẹ:

"Ẹ wá jayé orí yín pẹ̀lú orin jùjú tó ń mú ara yá gágá! Ọjọ́ Ẹtì yìí, aago méje alẹ́. Owó ìwọlé, ₦5,000. Ẹ múra dáadáa wá."

Owó wà níbẹ̀, àsìkò wà, ọ̀rọ̀ aṣọ náà wà. Àmọ́ nígbà tí mo fi máa dé ẹnu géètì, ariwo ti ń sọ. Ọkùnrin kan ti fi ₦5,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì láti ilé, òun àti ìyàwó rẹ̀ ló sì jọ wá. Báùǹsà ní ó ṣì ku ₦5,000. Ọkùnrin náà na fóònù sí i lójú: "Ibo lẹ kọ ọ́ sí pé ẹnì kan ni?" N kò kọ ọ́ síbì kankan lóòótọ́. Àpò mi ni ₦5,000 tó kù ti jáde.

Ibi tó dùn mí jù ni ti bàbá kan tó wọ búbá àti ṣòkòtò léèsì, tó dé fìlà, tó sì wọ sálúbàtà aláwọ tó ń dán. Báùǹsà wo ẹsẹ̀ bàbá, ó ní àwọn ò gba sílípáàsì. Àṣẹ tí ọ̀gá fún un nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò sì ṣàlàyé fún un pé sálúbàtà tí àgbà ń wọ̀ lọ sí òde ìgbéyàwó kì í ṣe ẹgbẹ́ rọ́bà tí a ń wọ̀ lọ balùwẹ̀. Níbi orin jùjú, ẹ gbọ́! Bàbá ò pariwo. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. "Ẹ múra dáadáa" ni mo kọ. Bàbá sì ti múra dáadáa.

Ti àsìkò, ọ̀gá ló ní kí n kọ aago méje, torí pé, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, "wọn ò ní dé kó tó di aago mẹ́sàn-án." Àwọn tó gbà wá gbọ́ dé ní méje. Wọ́n bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olórin tí wọ́n ṣì ń gbé sípíkà wọlé, tí onígángan ń fa awọ ìlù rẹ̀ le. Ẹlòmíì mu máàtì kan tán, ó sì ti kúrò kí gìtá tó dún. Mo mọ̀ pé ọ̀gá fẹ́ kí èèyàn tètè dé kí ọjà báà lè tà, kò sì burú. Àmọ́ èèyàn lè kọ àsìkò méjì láìpurọ́: ìgbà tí ilẹ̀kùn máa ṣí àti ìgbà tí orin máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹja yíyan kó tó jó á mọ ìgbà tó yẹ kó wá.

Nígbà tí a tún máa ṣe é, mo mú ohun tí mo kọ lọ bá báùǹsà lọ́sàn-án ọjọ́ tí a máa gbé e jáde. Ohun tí a jọ fẹnu kò sí nìyí:

"Alẹ́ jùjú ní Bódìjà, Ọjọ́ Ẹtì 14 Oṣù Kẹta. ₦5,000 fún ẹnì kan. Orin bẹ̀rẹ̀ ní 9:00 alẹ́.
Ilẹ̀kùn ṣí ní 7:30. Oúnjẹ àti ọtí kò sí nínú owó ìwọlé.
Aṣọ ìbílẹ̀, fìlà àti sálúbàtà aláwọ, ẹ máa wọ̀ ọ́ bọ̀. A ò gba ṣòkòtò péńpé, síńgílẹ́ẹ̀tì àti sílípáàsì rọ́bà."

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ yẹn. Lórí Instagram, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló ń hàn kí èèyàn tó tẹ "more", ọ̀pọ̀ kì í sì í tẹ̀ ẹ́. "Ẹ wá jayé orí yín" ló gba àyè yẹn lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀, owó àti àsìkò wá sá pamọ́ sísàlẹ̀.

Ẹ rí i pé owó, àsìkò àti ọ̀rọ̀ aṣọ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wà nínú àwòrán fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, torí pé àwọn èèyàn máa ń gbé àwòrán nìkan sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp wọn. Bí owó bá sì yí padà, ẹ lè tún ọ̀rọ̀ Instagram kọ, ṣùgbọ́n àwòrán tó ti wà nínú fóònù oníkálukú ò ṣeé pè padà. Àwọ̀ mìíràn ni mo máa ń ní kí wọ́n fi ṣe fláyà tuntun, kí báùǹsà lè mọ èyí tí àlejò ń fi hàn án láìjẹ́ pé ó ń ka á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá sì mú ti àtijọ́ wá, iye tó wà níbẹ̀ la máa ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀.