Káàdì Ìdúpẹ́ Tí Wọ́n Kà sí Ìwé Ìdẹ́rùbà

Nígbà tí ọ̀gá tí ó kọ́ mi ní iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ fẹ̀yìn tì, tí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Ìlọrin lọ sí ilé tí ó kọ́ sí Ọ̀fà, mo ra aṣọ òfì sányán kan pẹ̀lú fìlà rẹ̀ láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ kò yọ mí lẹ́nu, nítorí pé àwọn ahunṣọ kò wọ́n ní Ìlọrin, owó nìkan ni wọ́n ń dúró dè. Ọ̀rọ̀ tí n óò kọ sínú káàdì tí yóò bá aṣọ náà lọ ni kò jẹ́ kí n sùn.

Káàdì tí wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ sí pọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n mo ka díẹ̀ nínú wọn, ó sì sú mi. Àdúrà ni ó kún inú wọn, àdúrà náà sì dára, àmọ́ kò sí ọ̀gá tí a kò lè fún, ìbáà ṣe dókítà, ìbáà ṣe ẹni tí ń dín àkàrà. Lójú tèmi, káàdì tí a fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó sọ wá di ènìyàn nínú iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ohun kan nínú tí ó jẹ́ pé bí a bá tilẹ̀ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, òun fúnra rẹ̀ yóò mọ̀ pé òun ni. A ó sọ ohun tí ó ṣe gan-an, a ó sọ ibi tí ohun náà ti wúlò fún wa lẹ́yìn tí a kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, a ó wá dúpẹ́. A kò gbọdọ̀ fi ẹ̀bẹ̀ kún un. Mo mọ ẹnì kan tí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ní ìlà mẹ́ta, tí ó sì fi ìlà mẹ́rin bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun wá iṣẹ́ fún àbúrò ìyàwó òun.

Èyí tí mo yàn láti sọ ni ọ̀rọ̀ rọ́bà tí a fi ń pa nǹkan rẹ́. Ẹni tí ó bá ń wọn ilẹ̀ máa ń ní ìwé kan lọ́wọ́ lóko, inú rẹ̀ ni ó ń kọ gbogbo ohun tí ẹ̀rọ àti téèpù bá sọ sí lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ṣi nǹkan kọ, kò gbọdọ̀ pa á rẹ́; ìlà kan ṣoṣo ni yóò fà gba àárín rẹ̀, kí ó ṣì ṣeé kà, yóò sì kọ èyí tí ó tọ́ sí òkè rẹ̀. Ìwé tí wọ́n bá ti fi rọ́bà họ, kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ bóyá àtúnṣe ni tàbí màgòmágó. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi ní èyí kò ní ìrọ̀rùn nínú, mo sì fẹ́ kí káàdì náà ní adùn ìtàn, ni mo bá fi ìyà ṣáájú, kí ọpẹ́ lè dùn nígbà tí ó bá dé.

Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí ojú méjèèjì bébà funfun kékeré kan tí ó wà láàárín káàdì. Ohun tí ó wà ní ojú àkọ́kọ́ nìyí: “Alhaji, ẹ̀yin ni ẹ gba rọ́bà lọ́wọ́ mi, tí ẹ sì jù ú sínú odò Àsà láti orí afárá. Ẹ̀yin ni ẹ dá mi padà sí Àjàṣẹ́-Ìpo nínú òjò láti lọ tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n. Ẹ̀yin ni ẹ fa ìwé mi ya lójú ẹni tí ó ni ilẹ̀. N kò gbàgbé ọ̀kankan nínú wọn. Ọdún ti gorí ọdún, ṣùgbọ́n àkókò ti tó wàyí tí ẹ ó rí èrè ohun tí ẹ ṣe.”

Ojú kejì ni èrè náà wà: “Nígbà tí ẹbí méjì gbé ara wọn lọ sí ilé-ẹjọ́ nítorí ilẹ̀ tí mo wọ̀n, agbẹjọ́rò yẹ ìwé oko mi wò láti òkè délẹ̀, kò sì rí ibi kan tí wọ́n ti pa nǹkan rẹ́. Ìwé náà ni adájọ́ gbà gbọ́. Ẹ̀yin gan-an ni ó gbà gbọ́, Alhaji. Ẹ ṣeun. Ọlọ́run yóò fi àlàáfíà lọ́ra ẹ̀mí yín.” Abẹ́ rẹ̀ ni mo kọ orúkọ mi sí.

Ọmọkùnrin tí ó bá mi wé ẹ̀bùn ní ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ púpọ̀. Bébà àárín káàdì ń mì, ó sì rò pé ó fẹ́ já, ló bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn káàdì pinpin, láti etí dé etí. Ó fi ríbọ́ọ̀nù pupa dè é, mo san owó rẹ̀, mo sì gbé e fún awakọ̀ kan ní Gáréèjì Ọ̀fà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀gá mi pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní ẹnì kan ti fi ẹrù ránṣẹ́ sí òun, pẹ̀lú ìwé ìdẹ́rùbà tí kò ní orúkọ, àti pé ẹni náà mọ gbogbo ohun tí òun ti ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní òun ti gbé ẹrù náà sí abẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ilé, òun sì ti ní kí àwọn ọmọ má ṣe sún mọ́ ọn. Ó wá ka ìwé náà sí mi létí. Nígbà tí ó dé ibi tí rọ́bà ti bọ́ sínú odò, mo ti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀.

“Ta ni o rò pé ó lè jẹ́?” ni ó bi mí. “Mo ti ju rọ́bà ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ sínú odò yẹn.”

Mo ní, “Alhaji, èmi ni. Ẹ yí ojú ewé náà.”

Ó ní kò ní ojú kejì. Mo búra pé ó ní in. Aya rẹ̀ ni ó já ọ̀rọ̀ náà gbà, ó gbé káàdì sórí ooru ìkòkò omi tí ń hó, gọ́ọ̀mù náà sì rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó kà á sókè sí ọkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan orúkọ mi. Ọ̀gá mi dákẹ́ pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, ó wá ní ẹni tí ó bá ń dúpẹ́ kì í kọ́kọ́ ka ẹ̀sùn síni lẹ́sẹ̀.

N kò gbà fún un lórí ìyẹn, títí di òní. Bí a bá kọ ọ́ sí ojú kan ṣoṣo, tí gọ́ọ̀mù kò sì dé ibẹ̀, ètò tí mo tò ó yẹn ni ó dára jù, nítorí pé ọpẹ́ tí kò sọ ìyà tí ó bí i kò yàtọ̀ sí káàdì ọjà. Ṣùgbọ́n àṣẹ ọ̀gá ni àṣẹ. Ó fi káàdì náà rán ọmọ rẹ̀ sí mi ní ọ̀sẹ̀ kejì: ó ti fa ìlà kan ṣoṣo gba àárín “àkókò ti tó wàyí”, ó kọ “ẹ ṣeun” sí òkè rẹ̀, ó sì bu ọwọ́ lù ú.

Ó wọ aṣọ náà lọ kí Ìrun Iléyá. Ní ti Alhaja, kò pe orúkọ mi mọ́. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà wọn ní Ọ̀fà, yóò kígbe sínú ilé pé, “Ẹ bọ́ síta o, Ẹni-Tí-Kò-Gbàgbé ti dé, ẹ yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò kí ó tó wọlé!”