Ìdọ̀bálẹ̀ Pẹ̀lú Tíréè Lọ́wọ́

Ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàdàn, níbi tí mo ti jẹ́ alábòójútó àwọn tó ń gbé oúnjẹ lọ bá àlejò ní yàrá, àkókò oúnjẹ alẹ́ ni fóònù wa kì í sinmi. Ẹni tó bá gbé ìpè gbọ́dọ̀ béèrè nọ́ńbà yàrá, orúkọ àlejò àti iye ènìyàn tó fẹ́ jẹun, kí ó sì ka gbogbo ohun tí àlejò béèrè sí i létí padà kí ìpè tó parí. Lẹ́yìn náà ni yóò dá àkókò. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo fi lélẹ̀ fún àmàlà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan fẹ́ kí á máa sọ pé ogún kí inú àlejò lè dùn. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí ẹni tí inú rẹ̀ dùn nítorí ogún ìṣẹ́jú ni yóò pè wá pẹ̀lú ìbínú nígbà tó bá di ìkejìlélógún.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, bàbá kan tó wá ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ pè láti òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Àmàlà, ewédú, gbẹ̀gìrì àti ẹran ògúnfe ni wọ́n fẹ́. A kọ 7:40 sórí ìwé ọ́dà, a sì ṣèlérí 8:10.

Ìgbà tí ọbẹ̀ bá wà lórí iná ni a máa ń to tíréè, a kì í dúró títí oúnjẹ yóò fi délẹ̀. Aṣọ tó lọ́rinrin díẹ̀ ni a máa ń kọ́kọ́ tẹ́ sórí rẹ̀ kí abọ́ má baà yọ̀. Ohun tó wúwo máa ń wà láàárín, ìgò omi a sì sún mọ́ àyà ẹni tó gbé tíréè. Abọ́ ọbẹ̀ kò gbọdọ̀ kún dé etí, a sì gbọ́dọ̀ dé e. Àmàlà ló máa ń dé kẹ́yìn, nítorí pé bí ó bá jókòó pẹ́, ojú rẹ̀ a gbẹ, a sì le. Nítorí náà ni a ṣe máa ń fi ọ̀rá wé e kí ooru rẹ̀ lè dúró. Lálẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo rẹ̀ wà bó ṣe yẹ, àfi pé alásè ti fi ìlawọ́ bu ewédú.

Ọmọkùnrin tuntun kan ló gbé e, mo sì tẹ̀ lé e. Ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, ó pe ara rẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹni tó wà nínú lè rí i láti ojú ihò ilẹ̀kùn. Kò gbìyànjú láti ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ rárá. 8:08 ni bàbá ṣí i, pẹ̀lú irùngbọ̀n tó funfun láú, wọ́n sì ní kí á wọlé. Ọmọ náà rí ewú, ó gbàgbé tíréè. Ó ní, “Ẹ káalẹ́ o, sà,” ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀, tòun ti tíréè tó nà síwájú bí ẹni tó ń gbé ẹrù ìdána ka iwájú àna.

Orúnkún kanlẹ̀, kò sí ewu. Nígbà tí àyà fẹ́ tẹ̀ lé e ni tíréè dẹ́gbẹ̀ẹ́. Aṣọ ìsàlẹ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àwọn abọ́ kò kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ tó lè di ewédú mú. Ó ti ọmọrí abọ́ kúrò, ó dà sórí kápẹ́ẹ̀tì, gbẹ̀gìrì sì tẹ̀ lé e. Àmàlà inú ọ̀rá yí gbirigbiri lọ sẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá láìfarapa.

Bàbá wo ilẹ̀. “Ta ló kọ́ ọ nílé?”

Ọmọ náà dáhùn láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀: “Ìyá mi ni, sà.”

“Wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Níbi iṣẹ́ ńkọ́?” Èmi ni wọ́n wò bí wọ́n ti ń béèrè.

Mo tọrọ àforíjì, mo pe ilé ìdáná, mo sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé ọ́dà tuntun pé kò ní owó nínú, kí bàbá má baà san owó ewédú tí kápẹ́ẹ̀tì jẹ. Bí wọ́n ti ń ro àmàlà mìíràn, ẹnì kan lọ fi omi nu ilẹ̀. Mo wá ṣàlàyé fún ọmọ náà pé kí ó fi ẹnu àti ìtẹríba díẹ̀ kí wọn lẹ́nu ọ̀nà, kí ó béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ kí ó gbé e sí, àti pé tí tíréè bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó kí wọn bí ó bá ṣe wù ú.

8:25, a padà dé. Ó gbé tíréè sórí tábìlì, ó ṣí àwọn abọ́, ó gbé omi ìfọwọ́ sápá ọ̀tún, ó sì fún bàbá ní ìwé owó láti fọwọ́ sí. Mo ti fẹ́ mí kanlẹ̀. Ìgbà náà ni ó sún sẹ́yìn, tí ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí wọ́n ti kọ́ ọ, lójú ibi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, tòun ti aṣọ iṣẹ́ funfun.

Bó ṣe dìde, tí ewédú wà láyà rẹ̀, ó rántí ìbéèrè tó kù: “Ìgbà wo ni kí á wá kó abọ́, sà?”

Bàbá ti bu òkèlè àkọ́kọ́. “Aago mẹ́sàn-án. Ìwọ náà ni kí o wá, ṣùgbọ́n orí ìdúró ni kí o ti kí mi.”