Ẹ má dárúkọ iye kankan fún oníbàárà kẹ́ ẹ tó ṣí ìwé pọ́líìsì

Ọdún kẹwàá mi rèé nídìí inṣọ́ránsì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo fẹ́ kọ nǹkan mẹ́ta fún ẹ̀yin àbúrò tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, torí lánàá mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú yín ń sọ lórí fóònù fún oníbàárà tó fẹ́ kánsù pọ́líìsì ẹ̀, kó gbowó padà, pé "oṣù tó kù la máa ṣírò fún yín mà." Àyà mi já.

Àkọ́kọ́, ẹ bèèrè ta ló ń kánsù. Tó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì ló ní òun ò ṣe mọ́, iye ọjọ́ tó kù ni wọ́n máa ń dá owó ẹ̀ padà. Tó bá jẹ́ oníbàárà, ìṣirò ọ̀tọ̀ ni, àtẹ wà fún un nínú pọ́líìsì, ó sì máa ń gé owó ju ọjọ́ tẹ́ ẹ lò lọ, torí wọn ò fẹ́ kéèyàn san owó ọdún, kó lò ó fún ìgbà tó nílò ẹ̀ nìkan, kó wá gba ìyókù.

Ìkejì… ẹ jẹ́ n kúkú sọ ti màmá aláṣọ.

Ọdún kejì mi níbi iṣẹ́ ni. Màmá kan tó ń ta aṣọ l'Ókè-Àjẹ́ ra kọ́mpìríhẹ́nsífù sórí ọkọ̀ wọn, ₦200,000, láti 1 Fẹ́búárì. Ní ìparí Júùnù wọ́n ta ọkọ̀, wọ́n wá bá mi pé àwọn fẹ́ gbowó padà. Èmi ọ̀jọ̀gbọ́n fa kakulétọ̀ yọ: a ti lo ọjọ́ 146, ó ku 219, 200,000 × 219 ÷ 365, ₦120,000 géérégé. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì, mo tún fi sáìnì sí i. Ìjẹ̀bú ni màmá o, kó tó dalẹ́ wọ́n ti ná owó yẹn lọ́kàn tán.

Owó tó jáde: ₦50,000. Àtẹ pọ́líìsì yẹn sọ pé tẹ́ ẹ bá ti kọjá oṣù mẹ́rin tẹ́ ẹ ò tíì kọjá mẹ́fà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó ọdún ló lọ. Màmá gbé káàdì mi kalẹ̀ níwájú gbogbo ọ́fíìsì: "Ṣé ìwọ kọ́ lo kọ èyí ni?" Ọ̀gá mi tó mọ̀ nípa àtẹ yẹn látọjọ́ tó ti pẹ́ tí ò sọ fún mi rí, ìwé ìròyìn ló ń kà. Mi ò tíì gbàgbé ìyẹn.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni pé ní Ọ́gọ́ọ̀sì màmá ra ọkọ̀ míì, wọ́n tún san owó ọdún odindi níbòmíràn. Ká ní mo bi wọ́n ní Júùnù pé "ṣé ẹ máa ra òmíràn?", à bá ní kí kọ́ńpìnnì fi ọkọ̀ tuntun rọ́pò ti àtijọ́ lórí pọ́líìsì kan náà, kí wọ́n kàn san ìyàtọ̀ tó bá wà. Ìbéèrè kan péré.

Ẹ tún bèèrè bóyá wọ́n ti gba kíléèmù lọ́dún yẹn, torí tí wọ́n bá ti gbà á, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má rí kọ́bọ̀ gbà. Kẹ́ ẹ sì gba sátífíkéètì inṣọ́ránsì lọ́wọ́ wọn lójú ẹsẹ̀, kó má bá ọkọ̀ lọ.

Títí dòní tí n bá gba Òkè-Àjẹ́ kọjá, "Ọgọ́fà" ni màmá ń pè mí.