Jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, iná ò jáde: kí wọ́n tó ní kọ́ìlì ti jóná fún yín

Oṣù méjì ni jẹnẹrétọ̀ mi fi wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi n'Íbàdàn láìṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí mo fà á, ẹ̀ẹ̀kan náà ló gbà, ìró rẹ̀ sì dára bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ gílóòbù kan ò tàn. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo pè ò tú síkúrúù kan tó fi sọ pé kọ́ìlì ti jóná, kí n lọ wá owó tí wọ́n máa fi wé òmíràn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí kọ́ìlì tó bá jóná sábà máa ń rùn, ara rẹ̀ á sì dúdú. Tèmi ò rùn rárá.

Mo gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń wé kọ́ìlì tipẹ́ ládùúgbò wa. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó." Wọ́n ní, "Àbúrò, má tíì ra nǹkan kan. Jẹ́ ká fi mítà wò ó ná."

A yọ gbogbo ohun tó wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, a rí i pé bíréékà wà lókè, a gbé ẹ̀rọ síta gbangba nítorí èéfín, a sì fà á. Mítà ka fólítì 3 péré.

Ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé ohun tí 3 yẹn ń sọ. Òòfà díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sínú irin rọ́tọ̀, ìyẹn apá tó ń yí láàárín kọ́ìlì. Òun ló ń bẹ̀rẹ̀ iná. Fólítì díẹ̀ tó bá mú wá ni éèfíà, àpótí dúdú kékeré tó ń ṣọ́ fólítì, máa gbà, tí á sọ di irú iná tí bátìrì ń gbé jáde, tí á sì gba ara búrọ́ọ̀ṣì méjì, èédú kéékèèké tó ń fara kan òrùka bàbà ara rọ́tọ̀, dá a padà sínú rọ́tọ̀. Òòfà á lágbára sí i, fólítì á máa gòkè títí tí á fi dé nǹkan bí 220. Tiwa ò gòkè, ìyẹn ni pé òòfà wà, àmọ́ ọ̀nà náà ti já níbì kan. (Àwọn kékeré tí a ń pò epo mọ́ ọ́ìlì fún ò ní búrọ́ọ̀ṣì, wọn ò sì ní éèfíà. Kapásítọ̀ ni tiwọn ń lò, nítorí náà ohun tí mò ń sọ yìí ò kàn wọ́n.)

A pa á, a ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Kí a tó yọ wáyà búrọ́ọ̀ṣì, mo fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, kí a má baà gbé pọ́sítíìfù sí ibi nẹ́gátíìfù. Búrọ́ọ̀ṣì kan ṣì gùn dáadáa. Èkejì ti jẹ tán, kò tó mìlímítà 5 mọ́, eruku sì ti há a mọ́ inú ilé rẹ̀ débi pé sípíríǹgì ò lè tì í kan òrùka bàbà. A fi sáńpépà tó kúnná nu òrùka méjèèjì títí dúdú ara wọn fi lọ. Mítà ka óòmù 58 láti òrùka kan sí èkejì, kò sì ka nǹkan kan láti òrùka sí irin àárín. Rọ́tọ̀ wà láàyè. Ká ní kò ka nǹkan kan láàárín òrùka méjèèjì ni, wáyà inú rẹ̀ ti já nìyẹn.

A ra búrọ́ọ̀ṣì tuntun, a fi sí i, a fà á. Fólítì 3 ṣì ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa sáré ra éèfíà níbí. Ẹ̀gbọ́n ò gbà. Wọ́n yọ éèfíà kúrò pátápátá, wọ́n so wáyà méjì tó gùn mọ́ búrọ́ọ̀ṣì dáadáa nígbà tí ẹ̀rọ ṣì wà ní pípa, kí ọwọ́ má baà sún mọ́ ohun tó ń yí. Lẹ́yìn tó gbà ni wọ́n fi orí wáyà kan bátìrì mọ́tò fólítì 12 fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, pọ́sítíìfù sí pọ́sítíìfù. Sọ́kẹ́ẹ̀tì fò dé fólítì 92! Kọ́ìlì tí wọ́n ní ó jóná ló ń gbé 92 jáde yẹn. Kò lè dé 220, nítorí fólítì 12 kéré sí ohun tí éèfíà máa ń fún rọ́tọ̀.

Wọ́n tún fi mítà sí wáyà tó ń gbé iná wọ éèfíà, wọ́n sì kan bátìrì lẹ́ẹ̀kan sí i. Iná wà níbẹ̀ náà. Ibí yìí ló ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn jù: bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ní iná tí wáyà yẹn ò ní, kọ́ìlì kékeré tó ń bọ́ éèfíà ló já, éèfíà mẹ́wàá ò lè tún un ṣe. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì alára bá sì ka òdo pẹ̀lú bátìrì, ẹ padà sídìí rọ́tọ̀ àti kọ́ìlì ńlá. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà wọ̀nyẹn nígbà tí ẹ̀rọ bá ń yí, iná inú wọn lè pa èèyàn.

Tiwa pé níbi méjèèjì, éèfíà nìkan ló kù. Mo mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, mo fi iye wáyà rẹ̀, ẹnu rẹ̀ àti ihò síkúrúù rẹ̀ wé tuntun. Nígbà tí a fà á, mítà ka 228. Mo ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, ó wálẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró. Ẹ̀gbọ́n ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé búrọ́ọ̀ṣì tó ń ṣẹ́ná nítorí kò kan òrùka dáadáa ló pa éèfíà náà. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì, mo máa ń ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wo gígùn búrọ́ọ̀ṣì méjèèjì.