Àyè fún àkọlé lókè àwòrán

Láàárọ̀ yìí ni mo ń ṣètò àwòrán ìyá aládìrẹ kan ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, fún Instagram, ṣùgbọ́n gèlè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí òkè, kò sì sí ibi tí àkọlé lè dúró sí.

Mo gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo sì fa etí òkè sókè nínú Photoshop títí ó fi di 1080 sí 1350. Nígbà tí Content-Aware Fill, irinṣẹ́ Photoshop tó ń fi apá mìíràn nínú àwòrán dí ibi tó ṣófo, fẹ́ dí àlàfo tó yọ lókè, ó tún ya etí gèlè sára ògiri. Mo wá pa àwọ̀ ewé tí irinṣẹ́ náà fi ń sàmì sí ibi tó ti ń ṣe àwòkọ rẹ́ kúrò lórí gèlè, kí ó lè máa wo ògiri nìkan, ibẹ̀ sì mọ́ tónítóní.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ṣé ẹ ti rí irú rẹ̀ rí?